Ìfọ́tí Olóòyì: Bí Awọ Inú Etí Ṣe Ń Ya, Bí Ó Ṣe Ń Dí, àti Ohun Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Fi Kàn Án

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.)

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìpéjọ o. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yọjú lójú fèrèsé, mo rí yín. Ẹ wọlé kí ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju gbogbo wa lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún 19 sẹ́yìn. Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera etí. Mo ní, Alága, etí gbòòrò o, bí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, ibí ni a máa sùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú wá: awọ tó wà nínú ihò etí, tí àwọn kan ń pè ní ìlù etí, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá ya.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Tí ẹnì kan bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, kí ni a ń pè é? (Àwọn kan dáhùn: Ìgbájú! Ìgbátí!) Ó ku ọ̀kan. Ta ló mọ̀ ọ́n? (Bàbá kan láti ẹ̀yìn: Ìfọ́tí olóòyì!) Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ìfọ́tí: ohun tó ń fọ́ etí. Olóòyì: èyí tó gbé òòyì dání. Àwọn baba wa kò ní iná tí a fi ń wo inú etí, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó ọgbẹ́ náà àti àmì rẹ̀ pa pọ̀ sínú orúkọ kan. Àwa ni a sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rín ni a fi ń sọ pé "màá fọ́ ẹ létí ni o". Ó dáa. Kí ni ó ń fọ́ níbẹ̀ gan-an?

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní: awọ náà fúnra rẹ̀

Ihò etí àgbàlagbà kò jìn. Kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ. Ní ìparí rẹ̀ ni awọ yìí wà, ó bo ojú ihò náà bí awọ ṣe ń bo ojú gángan. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 9 tàbí 10 lọ. Nínípọn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú ewé kan ṣoṣo nínú ìwé tí àwọn ọmọ yín fi ń kọ iṣẹ́ iléèwé, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ó ṣe nípọn tó nìyẹn.

Síbẹ̀, bó ṣe fẹ́lẹ́ tó un, ìpele mẹ́ta ló ní. Ti òde jẹ́ awọ ara bíi èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ti inú jẹ́ awọ ọlọ́rinrin bíi ti inú ẹnu. Ní àárín méjèèjì ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín wà, àwọn ló fún un lágbára. Ẹ fi ìpele mẹ́ta yìí sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn awọ náà, yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Eegun wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló so kọ́ ara wọn níbẹ̀, àwọn ló ń gbé ohùn kọjá sí ibi tí iṣan ìgbọ́ràn wà. Ọ̀nà tóóró kan sì ti inú yàrá yẹn lọ sí ẹ̀yìn imú. Ẹ gbé itọ́ mì. Ṣé ẹ gbọ́ "pẹ́" nínú etí? Ọ̀nà yẹn ló ṣí.

Wàyí o, báwo ni ìgbátí ṣe ń ya awọ yìí? Àwọn ènìyàn rò pé agbára ọwọ́ ni. Agbára ọwọ́ nìkan kọ́. Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ bá dé lójijì, á bo ihò etí pinpin. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò yẹn kò ríbi gbà jáde, àtẹ́lẹwọ́ tì í sínú, awọ nìkan ló sì wà níwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìgbátí tí kò le púpọ̀ fi lè ya etí, tí ẹ̀ṣẹ́ gidi tó ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi lè má ya á. Ó sì ní ohun kan tí a máa ń kíyè sí: etí òsì ni ìgbátí ń yà jù. Ẹ̀yin ọmọ, kí ló fà á? (Ọmọbìnrin kan: Nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gbá ènìyàn!) Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó kọjú sí ọ tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọ, etí òsì rẹ ló máa bà.

Ìgbátí nìkan kọ́ ló ń ya á. Igi ìṣáná, ìgbálẹ̀ àti ìyẹ́ adìyẹ tí a fi ń ro etí ń ya á. Bángà tó bú nítòsí etí lè ya á. Ọyún lè ti inú ta á ya. Pàrapàrà iná wẹ́dà lè bọ́ wọlé kó jó o. Èyí tó ti ọwọ́ ìgbátí wá ni mo fẹ́ tẹpẹlẹ mọ́, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ iléèwé.

Ọ̀rọ̀ kejì: bó ṣe ń rí lára ẹni tó ṣe

Ọmọkùnrin kan wà tí a tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Àlàbí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí bọ́ọ̀lù, èkejì sì fọ́ ọ létí òsì. Ohun tí ọmọ náà sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ó ṣàlàyé ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ.

Ó ní ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni "pọ̀ọ́!" bí ìgbà tí ọ̀rá tó kún fún afẹ́fẹ́ bẹ́. Ìrora wá gún un bí abẹ́rẹ́, ó mú un fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ó rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń rò pé nǹkan kan kò ṣe ọmọ. Awọ yìí fẹ́lẹ́, bó bá ti ya tán, kò sí ohun tó ń fà á mọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ ya lè má sunkún tó ẹni tí eewo wà létí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrora, etí bẹ̀rẹ̀ sí í hó yéè. Òòyì kọ́ ọ, ó di ara ògiri mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì kásẹ̀. Lẹ́yìn náà ni etí wá dí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ó dà bíi pé omi wọ̀ ọ́, mo gbọn orí títí, kò jáde." Ohùn àwọn ẹlòmíràn jìnnà sí i. Ohùn tirẹ̀ wá ń dún bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò. Nígbà tó jí láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀jẹ̀ kan kán sórí ìrọ̀rí rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Èyí tó dẹ́rù bà á jù ni nígbà tó fun imú. Afẹ́fẹ́ gba etí òsì jáde, ó súfèé "fíìn". Ó rò pé ọpọlọ òun ló ń jò. Kì í ṣe ọpọlọ o. Ẹ rántí ọ̀nà tóóró tó wá láti ẹ̀yìn imú. Afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ gòkè, ó dé yàrá, ó bá ilẹ̀kùn tó ti ya, ó sì jáde. Bí etí bá súfèé nígbà tí ènìyàn ń fun imú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé awọ ti lu. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ pé kó fun imú kí ẹ lè gbọ́ ọ. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Èyí tó ti ọwọ́ ọyún wá, òdìkejì ni. Ìyẹn máa ń jẹ ọmọ kékeré lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Ìrora ni yóò ṣáájú, á máa pọ̀ sí i ní alaalẹ́, ibà á wà níbẹ̀, ọmọ á máa fa etí. Ní òru ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìrora á dáwọ́ dúró lójijì, oorun á sì gbé ọmọ lọ. Nílẹ̀ tó bá mọ́, ìyá á rí ọyún lórí aṣọ. Á ní, "Ọpẹ́ o, ó ti tú, ó ti sàn." Lóòótọ́ ìrora ti lọ, nítorí ọyún ti rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ihò tó gbà jáde wà níbẹ̀, àìsàn náà sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí ọyún bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má jókòó tì í mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan pẹ̀lú mi nísinsìnyí. Ẹ pa ẹnu dé, kí gbogbo wa kùn "mmmm". (Gbogbo ilé kùn.) Níbo ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn yín? Láàárín orí, àbí? Ẹ wá fi ìka dí etí kan, kí ẹ tún kùn. (Ariwo, ẹ̀rín.) Ó ti sá lọ sí etí tí ẹ dí! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn etí nìkan ló bàjẹ́, tí iṣan ìgbọ́ràn ṣì yè, etí tó ń dùn ọ́ ni ìkùn yẹn á lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ etí tó yè kooro ló lọ, ó ṣeé ṣe kí ìgbátí náà ti kọjá awọ, kó ti ba iṣan jẹ́. Ìyẹn kò ṣeé dúró dọ̀la. Àwa ní irin onígun méjì bíi fọ́ọ̀kì tí a ń fi ṣe é ní ilé ìwòsàn, a gbá a kó dún, a gbé e lé iwájú orí. Ìkùn ẹnu kò lè rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí òbí mọ̀ bóyá kó sáré.

Àlàbí kùn. Ó nàka sí etí òsì. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tí òòyì rẹ̀ kò bá kásẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan méjì, tó ń bì, tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá ní etí náà, tí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wọ́, tàbí tí omi tó mọ́ gaara ń kán láti etí rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ìṣubú: ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Omi yẹn lè jẹ́ ti ọpọlọ lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta: bó ṣe ń dí fúnra rẹ̀

Bí awọ gángan bá ya, kí ni onílù ń ṣe? Á bó o, á wá òmíràn. Kò sí ẹni tó rí awọ ìlù tó fúnra rẹ̀ rán ara rẹ̀. Ti etí ń rán ara rẹ̀. Nínú ihò mẹ́wàá tí ìgbátí lu, bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló ń dí láìsí iṣẹ́ abẹ. Èyí tó kéré lè gbà ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó tóbi lè gbà tó oṣù mẹ́ta.

Bó ṣe ń ṣe é ló jẹ́ ìyanu lójú mi títí di òní. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé ìka, ẹran pupa ló máa kọ́kọ́ kún ojú ọgbẹ́ náà láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni awọ á wá bò ó. Nínú etí, kò sí ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló wà lọ́tùn-ún, afẹ́fẹ́ ló wà lósì. Nítorí náà awọ òde ni yóò kọ́kọ́ gbéra. Á ti etí ihò náà máa rìn wọnú àlàfo, díẹ̀ díẹ̀, lójoojúmọ́, títí tí ìhà méjèèjì á fi pàdé. Fọ́nrán àárín á wá tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà mìíràn fọ́nrán yẹn kò ní dé rárá, ihò á dí, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ á fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ràn dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbátí mìíràn lè tètè ya ibẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé, ta ló kọ́ awọ láti máa rìn? Awọ ìlù etí kò yéé rìn láti ìgbà tí a ti bí wa. Láti àárín rẹ̀ ló ń rìn bọ̀ wá sí ìta, bí èékánná ṣe ń yọ ló ṣe ń lọ. Òun ló ń gbé èérí etí jáde fún wa. Ìwọ tó ń fi ìgbálẹ̀ ro etí, o ń ti ohun tó ń bọ̀ wá síta padà sínú ni. Àwọn àgbà ní ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú. Èyí tó tọ́ sí inú etí, n kò tí ì rí i.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ ojú ihò náà ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Òun ni afárá tí awọ ń gùn kọjá. Mo ti rí ìyá tó fi òwú yọ ọ́ torí pé ó fẹ́ kí etí ọmọ mọ́ tónítóní. Ó yọ afárá náà kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn.

Èyí tó ń dènà rẹ̀ kò pọ̀. Ọyún ni àkọ́kọ́, nítorí etí tó bá tutù tó sì ń ṣọyún, awọ kò lè rìn níbẹ̀. Ìkejì ni ihò tó bá tóbi jù, tó gbà ju ìlàjì awọ lọ. Ìkẹta ni ti àwọn wẹ́dà: iná jó etí ihò náà, ẹran ibẹ̀ kú, kò sì sí awọ alààyè tó máa gbéra. Baba ẹnì kankan níbí tó bá ń ṣe wẹ́dà tí pàrapàrà bọ́ sí i létí, kó má ṣe retí pé yóò dí bíi ti Àlàbí. Kó tètè lọ.

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ihò ṣì wà, iṣẹ́ abẹ wà fún un. Wọ́n máa ń mú awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹran ara lókè etí, wọn á fi dí ihò náà. Wọ́n ń ṣe é ní UCH níbí, wọ́n ń ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀ àti Ìlọrin. N kò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn bí wọ́n bá gbọ́ èyí tó kàn.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Nígbà tí Àlàbí délé ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ilé kún fún dókítà. Ìyá rẹ̀ gbé àdín sórí iná kó lè lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ìyá àgbà ní omi ìgbín ni, torí pé ó tutù. Aládùúgbò ní bó bá jẹ́ ọmọ òun ni, ọmú ni òun máa fún sí i. Ìfẹ́ ló pọ̀ nínú ilé náà, mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nígbà tí awọ wà ní pípé, ohun tí ẹ bá dà sí etí, ìta ni ó ń dúró. Nígbà tó bá ti lu, inú yàrá yẹn ni ó ń lọ tààrà. Àdín, omi ìgbín, ọmú, omi àlùbọ́sà, kẹrosíìnì, ìtọ̀ tí àwọn kan ń lò: oúnjẹ kòkòrò ni ọ̀pọ̀ wọn, májèlé ni àwọn yòókù.

Bàbá ọmọ náà ni kò jẹ́ kí wọ́n dà á. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé, ó ra oògùn kíkán kan ní kẹ́míìsì, èyí tí wọ́n ń kán sí ojú, tí wọ́n ń kán sí etí. Jẹntamáísìn ló wà nínú rẹ̀. Ó kán ẹ̀kán méjì. Ọmọ ké, ó sì ní, "Dádì, ó korò lọ́fun mi." Ọ̀fun! Etí lẹ kán an sí, ọ̀fun ló ti korò. Ẹ ti mọ ọ̀nà tó gbà, àbí? Ó gba ihò wọlé, ó gba yàrá kọjá, ó gba ọ̀nà tóóró sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn imú. Bí oògùn etí bá korò lọ́fun, awọ ti lu. Ẹ dáwọ́ dúró.

Ewu jẹntamáísìn àti niomáísìn ni pé wọ́n lè ba iṣan ìgbọ́ràn jẹ́, wọ́n sì lè ba ibi tí ara fi ń mọ ìdúró jẹ́, bí wọ́n bá ń dé inú lọ́hùn-ún lemọ́lemọ́. Ẹ̀kán méjì kò ṣe Àlàbí ní nǹkan. Ìgò kan odidi lè ṣe é. Gbogbo oògùn etí kọ́ ló burú o. Èyí tí siprofulọ́sásìn wà nínú rẹ̀ ni àwọn dókítà máa ń yàn fún etí tó lu tó sì ń ṣọyún, nítorí òun kì í ba iṣan jẹ́. Ṣùgbọ́n etí tó ya tó sì gbẹ kò nílò ìkankan. Ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n gbé e wá, dókítà fi iná wò ó, ó rí ihò kan ní ìsàlẹ̀ awọ, bíi mìlímítà 3, ẹ̀jẹ̀ gbẹ yí i ká. Ó kọ parasitamọ́ọ̀lù fún ọjọ́ méjì. Ó parí. Bàbá rẹ̀ wò wá bíi pé a rẹ́ ẹ jẹ. Ó ní, "Owó ọkọ̀ tí mo san tó báyìí, parasitamọ́ọ̀lù?"

Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wà nílé." Iṣẹ́ náà ni pé kí etí gbẹ.

Báwo ni a ṣe ń wẹ̀? Ẹ mú òwú funfun tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ẹ ká a kó tó kóró àgbálùmọ̀. Ẹ fi fasilíìnì pa á lára títí omi kò fi ní lè wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lé ẹnu ihò etí, ẹ má tì í wọlé. Ẹ wẹ̀ tán, ẹ yọ ọ́ kíákíá, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ síbẹ̀. Òwú gbígbẹ lásán kò gba omi dúró, ńṣe ló ń fà á mu. Ẹ má sì fi òwú síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ibi tó bá móoru tó sì lọ́rinrin ni kòkòrò ń fẹ́. Odò wíwẹ̀, rárá. Fífọ irun ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, kó dúró ná. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, bí ẹ bá ń ṣe àlùwàlá, ẹ má ki ìka tútù bọ ihò etí náà, kí ẹ sì bi àáfà yín léèrè bí aláìsàn ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìrìbọmi, ẹ bẹ pásítọ̀ kó sún ọjọ́ síwájú.

Imú ńkọ́? Ẹ má fun un kíkankíkan. Afẹ́fẹ́ tó ń súfèé yẹn ń ti awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn padà sẹ́yìn, ó sì ń gbé ikun gòkè sínú yàrá. Kí ẹ nù ún, kí ẹ rọra fun ihò kan lẹ́ẹ̀kan. Bí sísín bá dé, ẹ la ẹnu. Ẹni tó pa ẹnu àti imú dé láti gbé sísín mì, etí ló ń sín in sí. Ẹ má ki nǹkan orin àfibọtí bọ ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi fọ̀ ọ́ nítorí èérí.

Àlàbí ṣe é dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, òjò ńlá rọ̀, ó sì bá àwọn ọmọ àdúgbò jó nínú rẹ̀. Ọmọdé ni. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn òjò, etí bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ó ń rùn, ìrora padà. Àmì tó yẹ kí ẹ máa wò nìyẹn: omi tó ń rùn, ìrora tó ti lọ tó tún padà. Bí ẹ̀yìn etí bá tún wú, tó pọ́n, tó ń ti etí síwájú, ìyẹn ti kọjá ohun tí à ń fi sùn mọ́jú. Ti Àlàbí kò dé bẹ́ẹ̀. Dókítà fa ọyún náà gbẹ, ó fún un ní siprofulọ́sásìn kíkán fún ọjọ́ méje, ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ihò tó yẹ kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí padà sí bó ṣe wà. Òjò ọ̀sán kan jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìbéèrè

(Ìyá kan bèèrè pé ọmọ òun fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, etí rẹ̀ sì ya ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé ó lè wọ bàálù?)

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Bí ihò bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa wọlé, á máa jáde, ó tilẹ̀ lè má dùn ún tó ẹlòmíràn. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dí ni ẹ̀rù ń bà mí, torí pé awọ tuntun kò tí ì lágbára, bàálù tó ń sọ̀ kalẹ̀ sì lè fà á ya. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo inú rẹ̀ kí ẹ tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

(Olùkọ́ kan bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ti dí, ìgbọ́ràn ọmọ náà kúkú ti padà.)

Ìgbọ́ràn kò tó, sà. Ihò kékeré kì í dí ìgbọ́ràn lọ́wọ́, ènìyàn lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ihò Àlàbí ti kù bí orí abẹ́rẹ́ oníkókó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, dókítà wò ó, ó pè mí kí n wá wò ó. Awọ náà ti padà ní àwọ̀ eérú tó ń dán, ilà funfun kan ṣoṣo ló wà níbi tó ti ya. Ìyá rẹ̀ bèèrè bóyá ó lè wẹ odò. Dókítà ní kó fi oṣù kan sí i.

Mo ní kí ọmọ náà kùn fún mi. Ó pa ojú dé, ó kùn, ó tún kùn. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kò sí lápá òsì mọ́. Ó ti wà láàárín orí mi."